Ẹyẹ Tó Dúró, Ẹyẹ Tó Sùn: Lẹ́tà Kan sí Oníbàárà Aránṣọ

Àǹtí mi ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ní Ìmẹ̀sí-Lásìgìdì, ní ìhà gúúsù Èkìtì. (Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe Lasgidi Èkó. Ọdún mẹ́rin ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ti fi ń ṣe mí yẹ̀yẹ́, ó tó báyìí.) Láti bí ọdún kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti ń fi fóònù ya àwòrán aṣọ tí oníbàárà bá gbé wá, á fi àwòrán oníbàárà fúnra rẹ̀ kún un, á ṣàlàyé irú sítáì tí ó fẹ́, á sì ní kí ọgbọ́n àtọwọ́dá, éè-áì tí gbogbo wa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ aṣọ náà fún un. Láàárín ìṣẹ́jú kan, oníbàárà ti rí ara rẹ̀ nínú aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi àlùmọ́gàjí kàn. Àwọn ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lórí Wáàsáàpù kí wọ́n tó san owó àsansílẹ̀.

Nígbà tí mo délé fún ìsinmi tó kọjá, iṣẹ́ tí àǹtí mi gbé lé mi lọ́wọ́ ni pé kí n bá òun kọ lẹ́tà kan sí oníbàárà kan ní Ìbàdàn. Ó ní, "Ìwọ tó o ń ka èdè, wá bá mi sọ ọ́ kó má bínú." Obìnrin yìí ń bọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́ fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Aṣọ ẹbí ni ó fi ránṣẹ́, ańkárá yáàdì 6, aláwọ̀ búlúù tí ẹyẹ ńláńlá wà lára rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ti fi àwòrán ránṣẹ́ sí i, ó sì ti dáhùn pé òun fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́ bó ṣe rí yẹn. Aṣọ ẹbí náà ti tán lọ́wọ́ àwọn tó ń pín in. Bí wọ́n bá gé e ní àgékù, kò sí òmíràn níbì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwòrán náà ṣe rí. Gáùnù gígùn ni, apá rẹ̀ gùn, ìbàdí rẹ̀ fún, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ fílíà, ìyẹn síkẹ́ẹ̀tì tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, á di òbìrí bí ẹní róbótó tó ní ihò láàárín. Ó kan ilẹ̀. Gbogbo ẹyẹ ara rẹ̀ ló dúró ṣánṣán, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, yí ara síkẹ́ẹ̀tì náà po. Ó rẹwà. Kò sì ṣeé rán.

Àǹtí mi kò nílò ìṣirò kankan kó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kàn wo àwòrán náà ó mi orí. Ṣùgbọ́n èmi nílò ìṣirò kí n tó lè kọ ọ́, nítorí náà mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ ọjọ́ kìíní. Ó tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, ó gbé tépù lé e. Fífẹ̀ ańkárá náà láti etí dé etí jẹ́ íǹṣì 45. Gígùn rẹ̀ jẹ́ yáàdì 6, ìyẹn íǹṣì 216. Ìbàdí obìnrin náà jẹ́ íǹṣì 32. Láti gé òbìrí tí ihò àárín rẹ̀ máa gba ìbàdí 32, ihò náà ní láti jẹ́ bí íǹṣì 5 láti àárín gbùngbùn dé etí rẹ̀. Aṣọ kò fẹ̀ tó láti gé odindi òbìrí lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìdajì òbìrí méjì ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á wá rán wọn pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nínú íǹṣì 45 tí aṣọ fẹ̀, ẹ yọ 5 ti ìbàdí, ẹ yọ 1 fún ìṣẹ́tí àti ìránpọ̀, ó ku 39. Ibi tí síkẹ́ẹ̀tì lè gùn dé láti ìbàdí nìyẹn. Oníbàárà yìí ga, ó sì fẹ́ wọ bàtà gíga. Láti ìbàdí rẹ̀ dé ilẹ̀ jẹ́ íǹṣì 44. Àwòrán fún un ní íǹṣì 5 tí kò sí nínú aṣọ.

Ìyẹn gan-an kọ́ ni ọ̀rọ̀. Ìdajì òbìrí kan ń gba íǹṣì 90 nínú gígùn aṣọ, méjì ń gba 180. Nínú 216, ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ íǹṣì 36, yáàdì kan péré, fún òkè gáùnù àti apá gígùn méjì. Àwọn igun tí wọ́n bá gé kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdajì òbìrí wúlò díẹ̀ fún ọrùn àti bẹ́líìtì, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi wọ́n ṣe apá irú èyí tó wà nínú àwòrán, tó kún bí ìrọ̀rí.

Èyí tó wá wọ̀ mí lára jù ni ti ẹyẹ. Lórí aṣọ, àwọn ẹyẹ náà dojú kọ apá kan náà, orí gbogbo wọn sí ìhà kan gígùn aṣọ. Tí ẹ bá gé ìdajì òbìrí, tí etí rẹ̀ tó tọ́ sì tẹ̀ lé gígùn aṣọ, ẹ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá wọ̀ ọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹyẹ á dúró dáadáa. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹyẹ á dorí kodò. Ní iwájú gan-an, níbi tí gbogbo ayé máa kọ́kọ́ wò, ẹyẹ á sùn gbalaja. Kò sí bí aránṣọ ṣe lè mọ iṣẹ́ tó tí kò fi ní rí bẹ́ẹ̀. Àǹtí mi fi ìwé ìròyìn ìdàgbà gé ìdajì òbìrí kékeré kan, ó fi bírò ya ọfà síbẹ̀ dípò ẹyẹ, ó ká a mọ́ ìgò omi. Mo ti ka orí mẹ́ta lórí fonọ́lọ́jì ní sẹ́mẹ́sítà yẹn, síbẹ̀ kò sí èyí tó yé mi kíákíá bí ọfà ara ìgò yẹn.

Kí ló dé tí àwòrán fi fi gbogbo ẹyẹ dúró? Nítorí pé ohun èlò yẹn kì í gé aṣọ. Wọ́n ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye àwòrán kọ́ ọ, ó ti mọ bí gáùnù ṣe máa ń rí, ó mọ bí ẹyẹ ara aṣọ ṣe máa ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwòrán tó dà bí èéfín, ó ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jọ ohun tí a sọ fún un. Kò sí tépù níbẹ̀. Kò mọ̀ pé aṣọ ní etí, pé ó lè tán, tàbí pé ẹyẹ tó wà ní iwájú wà lórí òwú kan náà pẹ̀lú èyí tó wà ní ẹ̀gbẹ́. Ó kun ẹyẹ sórí gáùnù bí ẹni ń kun ògiri ilé.

Ọ̀nà kan wà tí ẹnikẹ́ni lè fi mọ èyí láìjẹ́ aránṣọ, mo sì fi í sínú lẹ́tà nígbẹ̀yìn. Ẹ ka ẹyẹ. Lórí aṣọ tó wà nílẹ̀, láti orí ẹyẹ kan dé orí èyí tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀ jẹ́ íǹṣì 8. Síkẹ́ẹ̀tì tó gùn ní íǹṣì 44 kò lè gbà ju ẹyẹ márùn-ún àbọ̀ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Nínú àwòrán, mo ka mọ́kànlá. Ó ti gé ẹyẹ sí ìdajì kí wọ́n lè bá gáùnù mu. Ìyẹn ni pé aṣọ inú àwòrán kì í ṣe aṣọ tó fi ránṣẹ́ rárá; ìbátan rẹ̀ ni.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yé mi tán, ó ku bí a ó ṣe sọ ọ́. Àǹtí mi ti ní kí ọmọ iṣẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ kí n tó dé: "Aṣọ yín lè yàtọ̀ sí àwòrán yìí, ṣùgbọ́n a lè rán an dáadáa." Ẹ wo "lè" méjèèjì. Èkíní ń sọ ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀, èkejì ń sọ ohun tí agbára wa ká. Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà. Ẹni tó ti fẹ́ràn àwòrán yóò fo èkíní, yóò di èkejì mú bí ìlérí. Bí ẹ bá sì sọ fún un pé "a kò lè rán an bẹ́ẹ̀", agbára náà ni yóò gbọ́: àwọn aránṣọ yìí ò mọ̀ ọ́n rán. Ohun tí àǹtí mi ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Ogún ọdún ló ti ń ránṣọ, ó sì mọ fílíà gé dójú àmì.

Nítorí náà mo yọ "lè" kúrò níbi tó bá ti kan àwa. Ohun tí a máa ṣe, mo fi "a ó" sí i. Ohun tí kò dá wa lójú, mo fi "ó ṣeé ṣe kí" sí i. Níbi tí ohun kan kò bá sì ṣeé ṣe, aṣọ ni mo fi ṣe olùwà gbólóhùn: aṣọ kò gùn tó, aṣọ kò fẹ̀ tó, ẹyẹ yóò sùn. Kì í ṣe ẹ̀tàn o. Òótọ́ ni pé aṣọ ni kò tó.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo sá fún ni "àpẹẹrẹ". Ọmọ iṣẹ́ ti kọ "àpẹẹrẹ aṣọ yín rèé" sábẹ́ àwòrán. Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sọ pé ọjà tí a bá fi àpẹẹrẹ tàbí àpèjúwe tà gbọ́dọ̀ bá àpẹẹrẹ tàbí àpèjúwe náà mu. Èmi kì í ṣe lọ́yà, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni máa tìtorí ẹyẹ lọ sí kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n láìsí òfin pàápàá, ẹni tí a bá fún ní àpẹẹrẹ ní ẹ̀tọ́ láti retí ohun tó bá a mu. Mo pè é ní "àwòrán èrò". Àǹtí mi ní kò sí ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ní Ìmẹ̀sí. Mo ní a ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́.

Lẹ́tà náà rèé bó ṣe lọ, lẹ́yìn tí mo ti yọ orúkọ àti iye owó kúrò:

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ sì kú ìmúrasílẹ̀ ìyàwó. Aṣọ yín ti dé ọwọ́ wa, yáàdì rẹ̀ pé mẹ́fà, a kò sì tíì gé e. A fẹ́ kí ẹ ka ìwé yìí kí a tó gé e, nítorí a ò ní rí irú rẹ̀ mọ́ tí a bá ti gé e.

"Àwòrán èrò ni èyí tí a fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀rọ ló yà á. Ó jẹ́ kí ẹ mọ irú ọrùn, irú apá àti irú ìbàdí tí ẹ fẹ́, àwọn yẹn ni a ó sì tẹ̀ lé. Ẹ̀rọ náà kò wọn aṣọ yín. Bí ẹ bá ka ẹyẹ tó wà nínú àwòrán láti ìbàdí dé ilẹ̀, ẹ ó rí mọ́kànlá. Lára aṣọ yín, márùn-ún àti díẹ̀ ni yóò wà níbẹ̀, nítorí ẹyẹ aṣọ yín tóbi ju ti àwòrán lọ.

"Ọ̀nà méjì ló wà láti rán ìsàlẹ̀ gáùnù yìí. Èkíní ni fílíà gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rí i. Tí a bá ṣe é, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò fẹ̀ bí ti àwòrán, ṣùgbọ́n yóò dúró sí òkè ọrùn ẹsẹ̀ yín, kò ní kan ilẹ̀, nítorí aṣọ kò fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyẹ yóò sùn ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, yóò sì dorí kodò ní apá kan. Aṣọ tó kù kò ní tó fún apá gígùn. Apá kúkúrú ni a ó fi sí i.

"Èkejì ni kí a gé ìsàlẹ̀ ní ègé mẹ́fà, kí ègé kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín lókè kó sì fẹ̀ nísàlẹ̀. Gbogbo ẹyẹ yóò dúró. Yóò kan ilẹ̀. Aṣọ yóò tó fún apá gígùn. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò ní fẹ̀ tó ìdajì ti àwòrán, ẹ ó sì rí ojú ìránpọ̀ mẹ́fà tó sọ̀kalẹ̀ láti ìbàdí. A ó gbìyànjú kí ẹyẹ má pín sí méjì lójú ìránpọ̀ iwájú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ìyẹ́ kan tàbí méjì gé.

"Ní ti àwọ̀, búlúù aṣọ yín ṣókùnkùn ju èyí tó wà lórí fóònù lọ. Ìránṣẹ́ tó gbé aṣọ wá ṣì ní àgékù kékeré lọ́wọ́. Ẹ gbé e síta nínú oòrùn kí ẹ wò ó, ìyẹn ni kí ẹ fi ra gèlè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tí ẹ bá yàn ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a ó fi rán an lẹ́yìn tí a bá gbọ́ yín."

Ibi tí mo pẹ́ sí jù ni ti ègé mẹ́fà, torí mo fẹ́ rí i dájú pé ìlérí tó wà níbẹ̀ ṣeé mú ṣẹ. Ègé kan gùn ní íǹṣì 46 kí a tó rán an, ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní 22. Méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú fífẹ̀ 45. Mẹ́fà á wá gba ìlà mẹ́ta, ìyẹn íǹṣì 138 nínú gígùn aṣọ, á ku 78, ó lé díẹ̀ ní yáàdì 2. Aránṣọ tó fẹ́ ṣọ́ aṣọ jẹ á dorí ègé kan kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì kí wọ́n lè wọ inú ara wọn, á sì rí aṣọ púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú ẹyẹ tó ní orí, ìyẹn ò ṣeé ṣe, nítorí ègé kan nínú méjì máa ní ẹyẹ tó dorí kodò. Tí ẹ bá yọ ti ìránpọ̀, ìsàlẹ̀ síkẹ́ẹ̀tì máa yí po ní íǹṣì 126. Ti òbìrí ì bá jẹ́ nǹkan bí 276. Ibẹ̀ ni "kò ní fẹ̀ tó ìdajì" ti wá. Mo ti fẹ́ kọ "yóò dín díẹ̀", àǹtí mi ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní "díẹ̀" ni ọ̀rọ̀ tí oníbàárà máa ń fi bá ènìyàn jà.

Àwọn nǹkan kan wà tí a kò kọ. Àwòrán náà ti mú ìbàdí obìnrin náà tín-ín-rín ju bí tépù ṣe sọ lọ, ó sì ti dán ojú rẹ̀. Àǹtí mi ní ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí a fi ìyẹn sí, kò sí ẹni tó máa ń kọ ọ́ sí obìnrin. Nígbà tó bá wá wọ̀ ọ́ wò ní ìkẹyìn, a ó rán an mọ́ ara rẹ̀, ìyẹn ni ìdáhùn. A kò sì kọ̀wé nípa fílíà tó máa ń fà wálẹ̀. Níbi tí òwú aṣọ ò ti dúró tààrà tí kò sì sùn gbọọrọ, tó dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, aṣọ máa ń na ara rẹ̀ nítorí ìwúwo, ìsàlẹ̀ á wá rí wúruwùru. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gbé fílíà kọ́ mọ́jú kí wọ́n tó gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ dọ́gba. Bí obìnrin náà bá yan èkíní ni ìyẹn máa kàn án, iṣẹ́ wa sì ni, kì í ṣe tirẹ̀.

Ìjà kékeré kan wà láàárín èmi àti àǹtí mi lórí gbólóhùn àkọ́kọ́. Ó fẹ́ kí n kọ "aṣọ yóò jọ àwòrán". Mo ní "jọ" fẹ̀ jù: ọmọ jọ bàbá rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pè é ní bàbá. "Bá mu" ló le, òun ni mi ò fẹ́ kó wọ inú lẹ́tà. Ó ní tí "jọ" bá fẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣebí ó dára fún wa. Ó ní òótọ́ díẹ̀. Mo ní ẹni tó ń kà á lórí fóònù ní Ìbàdàn kò ní ronú nípa ọmọ àti bàbá, àwòrán tó ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa rí. Ìdí nìyẹn tí "jọ" kò fi sí níbì kankan nínú lẹ́tà náà. A dárúkọ ohun tí a ó tẹ̀ lé dípò rẹ̀: ọrùn, apá, ìbàdí.

Ọjọ́ kejì ni ohùn rẹ̀ wọlé lórí Wáàsáàpù, ohùn tó gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó kọ́kọ́ bínú. Ó ní kí ló dé tí a fi fi ohun tí a mọ̀ pé kò sí nínú aṣọ han òun. Àǹtí mi gbọ́ ọ títí dé òpin, kò sọ nǹkan kan. Láàárín rẹ̀ ni ohùn obìnrin náà yí padà: ó ti ka ẹyẹ. Ó ní mọ́kànlá ni lóòótọ́, òun pe ọmọ òun kó bá òun kà á. Ó wá bèèrè bóyá ègé mẹ́fà lè di mẹ́jọ kí ìsàlẹ̀ lè fẹ̀ sí i tí apá bá kúrú. Àǹtí mi gbé tépù, ó ṣírò: mẹ́jọ á gba ìlà mẹ́rin, íǹṣì 184, á ku 32. Ó dáhùn pé òkè gáùnù tí kò lápá nìkan ni 32 lè ṣe.

Obìnrin náà yan mẹ́fà. Ó ní kí ẹyẹ dúró.

Ní báyìí, kí ọmọ iṣẹ́ tó ya àwòrán èrò fún ẹnikẹ́ni, ó ń kọ́kọ́ gbé tépù lé ẹyẹ, òdòdó tàbí ohunkóhun tó bá wà lára aṣọ, ó sì ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí abẹ́ àwòrán. Ó ń sọ fún ẹ̀rọ náà pẹ̀lú pé kí ó ya síkẹ́ẹ̀tì ní ègé mẹ́fà. Nígbà mìíràn ó máa ń ya márùn-ún, nígbà mìíràn méje.